Ìlérí Èké Nínú Ìdánwò: Bí Mo Ṣe Fi Kant àti Mill Wéra

Ìbéèrè tí mo yàn nínú ìdánwò ẹ̀kọ́ ìwà ní Ilọrin dá lórí bàbá kan tí ó ń wá owó ìtọ́jú ọmọ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Ó yá ₦60,000 lọ́wọ́ ìyá aláṣọ kan ní Ọjà Ọba, ó sì ṣèlérí pé òun yóò san án kí oṣù tó parí, bẹ́ẹ̀ ni ó mọ̀ dájú pé kò sí ibi tí òun yóò ti rí i. Wọ́n ní kí á fi ojú àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí méjì wo ọ̀rọ̀ náà, Kant tí ó ń wo ìlànà tí ènìyàn ń tẹ̀ lé, àti Mill tí ó ń wo àyọrísí ìwà, kí á sì sọ ibi tí ọ̀nà wọn ti yà.

Nígbà tí a ń kàwé ní Tánkẹ̀, èsì tí mo ń gbọ́ jù ni pé Kant lòdì sí irú ìlérí bẹ́ẹ̀ nítorí pé, bí gbogbo ènìyàn bá ń ṣe é, kò ní sí ẹni tí yóò yá ẹlòmíràn lówó mọ́, ayé yóò sì le. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kí ayé le, àyọrísí ni. Ẹni tí ó bá kọ èyí ti fi ọ̀rọ̀ Mill sí Kant lẹ́nu, kò sì ní rí ohun tí yóò fi wéra mọ́.

Nítorí náà, mo kọ́kọ́ kọ ìlànà tí bàbá náà ń tẹ̀ lé sílẹ̀: “Bí mo bá nílò owó, n óò yá a, n óò ṣèlérí láti san án, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé n kò ní san án.” Kant fúnra rẹ̀ lo irú àpẹẹrẹ yìí nínú ìwé tí ó kọ lọ́dún 1785. Lẹ́yìn náà, mo sọ ìlànà náà di òfin tí gbogbo ènìyàn ń tẹ̀ lé, mo sì béèrè bóyá bàbá yìí ṣì lè rí owó gbà nípasẹ̀ rẹ̀. Kò lè rí i, nítorí pé nínú irú ayé bẹ́ẹ̀ ẹ̀rín ni ìyá aláṣọ yóò fi ìlérí rẹ̀ rín. Ohun tí bàbá náà ń fẹ́ ta kora: ó fẹ́ kí ìlérí gbogbo ènìyàn jẹ́ òfìfo, ó sì tún fẹ́ kí wọ́n gba tirẹ̀ gbọ́. Ìtakora yìí gan-an ni ẹ̀bi náà lójú Kant, yálà ìyà jẹ ẹnikẹ́ni tàbí kò jẹ ẹ́. Mo fi kún un pé ìyá náà kò lè fara mọ́ ohun tí a ń fi í ṣe, nítorí pé a fi ohun náà pamọ́ fún un. A ti sọ ọ́ di irinṣẹ́ lásán.

Lójú Mill, ìṣirò ni. Ìwòsàn ọmọ náà wà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì ni owó òwò ìyá aláṣọ wà, pẹ̀lú olóòótọ́ tí yóò wá yáwó lọ́la tí ìyá náà kò ní dá lóhùn. Mill kò sì ní kí á máa ṣe ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí ó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1861, ó ka òtítọ́ sí òfin ńlá, ṣùgbọ́n ó gbà pé àyè wà láti yẹ̀ ẹ́, bí ìgbà tí a bá ń fi ìròyìn burúkú pamọ́ fún ẹni tí àìsàn rẹ̀ le. Ó ṣeé ṣe dáadáa, nígbà náà, kí Mill náà dá bàbá yìí lẹ́bi.

Ọ̀pọ̀ ìwé ìdáhùn máa ń parí síbí, pé àwọn méjèèjì fẹnu kò. Èmi yí ìtàn náà padà díẹ̀. Ká ní ìyá aláṣọ jẹ́ olówó tí ₦60,000 kò tu irun kankan lára rẹ̀, ká ní ó kú kí oṣù tó parí, tí kò sí ẹlòmíràn tí ó gbọ́ nípa owó náà, tí ọmọ sì yè. Àwọn ìdí Mill á bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó ṣẹ́kù ni pé irọ́ yóò sọ bàbá náà di ẹni tí kò ka òtítọ́ sí mọ́, ìdí yìí sì kéré lójú mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀mí ọmọ. Ní ti Kant, kò sí ohun tí ó yí padà, nítorí pé ìlànà tí mo kọ sókè kò yí padà. Lọ́dún 1797, ó tilẹ̀ takú pé a kò gbọdọ̀ purọ́ fún apànìyàn tí ó ń wá ọ̀rẹ́ wa kiri.

Ibí ni mo lo ojú ìwé jù sí, nítorí pé ó yẹ kí Kant náà dáhùn nípa ọmọ tí ń ṣàìsàn. Ó gbà pé ríran ẹlòmíràn lọ́wọ́ jẹ́ ojúṣe, ṣùgbọ́n ojúṣe tí ó fi àyè sílẹ̀ fún wa láti yan ìgbà àti ọ̀nà tí a ó fi ṣe é ni, kò sì lè fọ́ èyí tí kò fi àyè sílẹ̀, bíi kí á má ṣèlérí èké. Ìlànà rẹ̀ kò dí bàbá náà lọ́wọ́ láti sọ fún ìyá aláṣọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ mi ni, n kò sì mọ ìgbà tí n óò lè san án.” Bí ìyá bá kọ̀, Kant kò ní ohun mìíràn láti fún un, mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an.