Bí dáì dúdú bá ti yún yín rí, ẹ má tún un lò
Ẹ̀yin ará, bí làálì dúdú tàbí dáì irun bá ti yún yín rí, bó ti wù kó kéré mọ, ẹ má tún fi dáì tí wọ́n kọ p-Phenylenediamine sára páálí rẹ̀ kun irun. Kẹ́míkà yìí ló sábà máa ń wà nínú làálì dúdú àti dáì irun; ara ti dá a mọ̀ bí ọ̀tá, kì í sì í gbàgbé. Tó bá tún pàdé rẹ̀, á gbéjà kò ó kíákíá, tagbáratagbára. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kàn yún lẹ́yìn làálì ìgbéyàwó lè kun irun lọ́dún kejì, kí ìpéǹpéjú rẹ̀ wú dí, kí etí máa ṣomi. (Làálì gidi kì í dúdú bí èédú, pupa rúsúrúsú ni.) Bí èémí bá ń há, ilé ìwòsàn ni kíá. Dídán dáì wò lẹ́yìn etí fún wákàtí 48 wà fún ẹni tí kò yún rí nìkan, kò sì dájú tán.