Kọfí àti oògùn ẹ̀jẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní èròjà irin, ẹ má fi kọfí gbé e mì o. Àwọn èròjà kan nínú kọfí máa ń so mọ́ irin náà nínú ìfun, ara ò sì ní rí i fà dáadáa. Kaféènì kọ́ ló fà á, torí náà kọfí tí wọ́n yọ kaféènì rẹ̀ ò bọ́ níbẹ̀. Tí ẹ bá fi omi lo oògùn ní aago 6, ẹ jẹ́ kí kọfí di aago 8.

Ti oúnjẹ ló yani lẹ́nu: kọfí wákàtí kan ṣáájú oúnjẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ dí irin inú ẹ̀wà tàbí ẹ̀fọ́ lọ́wọ́, àmọ́ èyí tí ẹ mu ní wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ lè ṣe é bí ẹni tó mu ún mọ́ oúnjẹ gan-an.