Èlé oṣù láti ara èlé ọdún: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀, tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀yáwó kan tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fún ọmọ ẹgbẹ́: ₦240,000, èlé 15% lọ́dún, oṣù mẹ́jọ ni yóò fi san án. Èlé tí à ń sọ níbí kì í bí èlé mìíràn. Orí owó ìpìlẹ̀ nìkan ni wọ́n ń ka á sí. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa níléèwé nìyí:

```
Èlé = (P × R × T) ÷ 100
```

P ni owó ìpìlẹ̀, R ni ìdá èlé ọdún kan, T ni àkókò. Ibi T yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà.

Ẹ má fi 8 sí ààyè T. Ọdún ni R ń bá sọ̀rọ̀, ọdún náà ni T gbọ́dọ̀ jẹ́. Ẹni tó bá fi 8 sí i yóò rí ₦288,000, èlé ti ju owó tó yá lọ nìyẹn, ojú ara rẹ̀ yóò sì já a. Àṣìṣe tó ń fara pa mọ́ ni kí èèyàn kọ oṣù mẹ́jọ sílẹ̀ bíi 0.8 ọdún, bí ẹni pé oṣù mẹ́wàá ló wà nínú ọdún. Ìyẹn yóò fún un ní ₦28,800, kò sì ní ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Oṣù mẹ́jọ jẹ́ 8/12 ọdún. Èlé ọdún kan lórí ₦240,000 jẹ́ ₦36,000. Ẹ pín in sí ọ̀nà 12, ó di ₦3,000 lóṣù. Ní ìlọ́po 8, ó di ₦24,000.

Ẹ sọ owó di púpọ̀ ná kí ẹ tó pín in. Tó bá jẹ́ 14% ni, tí ẹ sì kọ́kọ́ pín 14 sí 12, ẹ̀rọ yóò kọ 1.1666 sílẹ̀. Ẹni tó bá gé e sí 1.1 yóò ṣírò ₦21,120, nígbà tó jẹ́ pé ₦22,400 ni èlé tòótọ́.

Ẹ má fi ìka ka oṣù. Ẹni tó yáwó ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta, tí yóò parí rẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá, yóò ka Ẹ̀kẹta, Ẹ̀kẹrin títí dé Ẹ̀kọkànlá, yóò sì rí oṣù 9. Oṣù 8 péré ni: 11 yọ 3. Ìka tó lé yẹn ti fi ₦3,000 kún gbèsè. Tí àkókò bá wọ ọdún tuntun, ẹ fi 12 kún oṣù tó parí: oṣù Kẹwàá sí oṣù Kejì jẹ́ 14 yọ 10, ìyẹn oṣù 4.

Èyí tó ń jẹ́ káwọn èèyàn san owó jù ni pé wọn kì í béèrè orí owó wo ni èlé wà. Ká ní ọmọ ẹgbẹ́ wa ń san ₦30,000 lóṣooṣù nínú owó ìpìlẹ̀. Tí èlé bá dúró lórí gbogbo owó tó kọ́kọ́ gbà, yóò máa san ₦33,000 lóṣooṣù títí yóò fi parí, àpapọ̀ èlé sì jẹ́ ₦24,000. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ orí owó tó ṣẹ́ kù ni, 15% tí a pín sí ọ̀nà 12, ìyẹn 1.25%, ni wọ́n ń yọ lóṣù: ₦3,000 lóṣù àkọ́kọ́, ₦2,625 lóṣù kejì torí pé ₦210,000 ló kù, títí tí yóò fi sọ̀kalẹ̀ sí ₦375 lóṣù ìkẹyìn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦13,500. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ń pè ní 15%. Nítorí náà, ẹ má fi ìdá èlé nìkan wé ẹnu ọ̀nà ayánilówó kan sí òmíràn. Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé: "Ṣé orí owó tó kù ni, àbí orí gbogbo rẹ̀?" Kí onígbọ̀wọ́ náà gbọ́ ìdáhùn wọn, kò burú.

Ní ti ìfowópamọ́, àṣìṣe kan náà ló yí ojú padà. Ẹnìkan ń fi ₦20,000 pamọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan fún oṣù 6, èlé 12% lọ́dún. Ó ká gbogbo rẹ̀ jọ sí ₦120,000, ó ṣírò èlé oṣù 6 lé e, ó ń retí ₦7,200. Kò rí bẹ́ẹ̀, torí owó àkọ́kọ́ nìkan ló lo oṣù 6 níbẹ̀. Ìkejì lo 5, ìkẹyìn lo 1 péré. Ẹ ro wọ́n pọ̀: 6 + 5 + 4 + 3 + 2 + 1 jẹ́ 21. Èlé oṣù kan lórí ₦20,000 jẹ́ ₦200. Ìgbà 21 rẹ̀ jẹ́ ₦4,200, òun sì ni ó yẹ kó bá nínú àkáǹtì rẹ̀.