Eérú láàárọ̀, epo lọ́sàn-án: àṣìṣe tí adúmáadán ń ṣe bó bá ń yan faundéṣọ̀n

Ìyá ìyàwó kan wá bá mi n'Íbàdàn nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Adúmáadán ni, dúdú bíi kóró iṣin. Ó kó ìgò faundéṣọ̀n mẹ́ta jáde nínú báàgì. Èkíní ń sọ ojú rẹ̀ di ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ná lórí ààrò tí eérú bò ó. Ó rò pé kò dúdú tó ni, ó lọ ra èyí tó dúdú ju ìyẹn lọ. Ojú náà wá dà bí èédú tó ń kú lọ. Ẹnìkan ní kó lọ ra èyí tó pọ́n. Ìyẹn dára láàárọ̀, àmọ́ kó tó di ọ̀sán, ojú ti pọ́n bí epo, ọrùn sì dúdú lábẹ́ rẹ̀.

Bí obìnrin púpọ̀ ṣe ń náwó dànù nìyẹn. Bí wọ́n ṣe dúdú tó nìkan ni wọ́n ń wò. Wọn kì í wo àwọ̀ kejì, èyí tó fara pamọ́ sábẹ́ dúdú náà. Ẹni méjì lè dúdú bákan náà, kí ti ọ̀kan máa fà sí pupa bíi kòkó gbígbẹ, kí ti èkejì máa fà sí ìyeyè bí oyin tó ti pẹ́, kí ti ẹlòmíì sì fẹ́ máa fà sí aró. Bí ìgò bá bá dídúdú yín mu tí kò bá àwọ̀ abẹ́ yẹn mu, kò lè jókòó sójú yín.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà nínú ìgò náà. Àwọ̀ mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń pò pọ̀. Ọ̀kan funfun, taiténíọ́ọ̀mù dáyọ́sáídì lorúkọ rẹ̀. Mẹ́ta yòókù, pupa, ìyeyè àti dúdú, ara irin ni wọ́n ti wá. Ìbátan ìdógùn-ún tí ẹ ń rí lára páànù àtijọ́ ni wọ́n. Funfun ló ń jẹ́ kí faundéṣọ̀n bo àbààwọ́n. Bí ẹni tó ń po àwọ̀ fún adúmáadán bá fi funfun púpọ̀ síbẹ̀, tó wá fi dúdú lé e kó lè ṣókùnkùn, ẹ mọ ohun tí dúdú àti funfun máa ń bí: eérú. Ìdí nìyí tí ìgò kejì ìyá yẹn fi burú ju tàkọ́kọ́ lọ. Pupa ló ń wá, dúdú ló lọ rà.

Nítorí náà, bí ojú yín bá ń rí bí eérú, ẹ má sáré ra èyí tó dúdú jù ú lọ. Ẹ kọ́kọ́ wá èyí tó dúdú bákan náà, àmọ́ tí pupa tàbí ìyeyè pọ̀ díẹ̀ sí i nínú rẹ̀. Ẹ sì rántí pé àtíkè tí a ń bù lé e lè jẹ́ ọ̀daràn náà. Àtíkè funfun tí wọ́n ní kì í hàn lójú ẹnikẹ́ni, ó ń hàn lójú adúmáadán, pàápàá bí iná kámẹ́rà bá kọ lù ú lálẹ́. Ẹ wo fọ́tò òde àríyá: ojú funfun, ọrùn dúdú. Ìpara tó ń dáàbò bo awọ lọ́wọ́ oòrùn, tó bá ní síńkì nínú, máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ epo wá ńkọ́? Àwọn tó ń tà á máa ń sọ pé atẹ́gùn ló mú un dógùn-ún lójú. Kò rí bẹ́ẹ̀ dáadáa. Pupa àti ìyeyè inú rẹ̀ ti dógùn-ún kó tó wọ ìgò. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ jọ ti ilẹ̀ pupa tí òjò rọ̀ sí. Ilẹ̀ gbígbẹ mọ́ díẹ̀, àmọ́ bómi bá ti kàn án, ó ṣókùnkùn, pípọ́n rẹ̀ sì yọ síta. Òróró tí awọ ń tú jáde ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí faundéṣọ̀n. Omi inú rẹ̀ náà sì ń gbẹ lọ, àwọ̀ ìdí rẹ̀ ló ń kù. Bí pupa àti ìyeyè bá ti pọ̀ jù nínú ìgò, tí dúdú tàbí aró tó yẹ kó tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ kò tó, ọ̀sán ni yóò tú àṣírí wọn.

Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò ìṣẹ́jú kan nínú ṣọ́ọ̀bù fi ń tan yín jẹ. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni wọ́n ń kùn ún sí, abẹ́ gílóòbù funfun ni wọ́n sì ti ń wò ó. Ọwọ́ kì í ṣe ojú. Oòrùn ti lu ọwọ́ lọ́tọ̀. Ẹ má sì gbára lé ọ̀rọ̀ pé kí ẹ wo bóyá iṣan ọrùn ọwọ́ yín dà bí aró tàbí ewé. Lára awọ tó dúdú gan-an, iṣan náà kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn.

Ohun tí èmi àti ìyá yẹn ṣe nìyí. Mo fa ìlà mẹ́ta láti párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá sí ọrùn: ọ̀kan fà sí ìyeyè, ọ̀kan fà sí pupa, ọ̀kan wà láàárín. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dúdú bákan náà. A lọ jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù níta, níbi tí oòrùn kò ti ta sójú gan-an, a sì fi nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí. Nígbà tí mo tún wò ó, ìlà ìyeyè ti di epo. Ti àárín hàn fírífírí. Ìlà pupa ni mo wá tì. Àfi ìgbà tí mo fi ìka kàn án kí n tó mọ ibi tó wà. Èyí tó bá sọnù lára yín ni tiyín.

Lẹ́tà ara ìgò kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn fún yín. Níbi púpọ̀, W dúró fún ti ìyeyè tàbí wúrà, C fún ti pupa tàbí aró, N fún ti àárín. Àmọ́ lọ́dọ̀ MAC, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe faundéṣọ̀n, NC ni wọ́n ń fún ẹni tó fà sí wúrà, NW sì ni ti ẹni tó fà sí pupa. Ẹni tó bá ka W ibẹ̀ bó ṣe ń kà á níbòmíì yóò ra òdìkejì ohun tó ń wá.

A kò sọ ìgò mẹ́ta yẹn nù. Mo mú èyí tó dúdú jù ní ìlọ́po méjì, mo fi ìlọ́po kan èyí tó ń di epo sí i, mo fi ìka pò wọ́n lẹ́yìn ọwọ́. Pupa èyí pa eérú tọ̀hún. Ó ṣì pọ́n díẹ̀, mo sì fi àwọ̀ aró olómi tí a ń pò mọ́ faundéṣọ̀n sí i, kò ju orí ìṣáná lọ. Aró ló ń pa àwọ̀ ọsàn. Àmọ́ bó bá pọ̀ jù, eérú tún padà dé nìyẹn.

Iwájú orí rẹ̀ dúdú ju ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ, bó ṣe rí lára ọ̀pọ̀ wa. Mo lo èyí tó dúdú jù nìkan níbẹ̀, mo sì fi kànìnkànìn tútù so ààlà méjèèjì pọ̀. Àyà rẹ̀, tí ọrùn bùbá máa fi hàn, ni mo fi díwọ̀n gbogbo rẹ̀, kì í ṣe àárín ojú. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi látinú gbọ̀ngán. Gèlè ti yẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ojú, ọrùn àti àyà ṣì jẹ́ ti èèyàn kan náà.