Kéèkì tó ń ṣe bí ọṣẹ lẹ́nu: sódà ni, àbí páúdà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Kọ́ọ̀pù fúláwà méjì àti kọ́ọ̀pù yógọ́ọ̀tì kan ni mo fi ṣe kéèkì. Ṣíbí tíì méjì békin páúdà ni wọ́n ní kí n fi sí i, kò sí nílé, mo bá fi ṣíbí méjì békin sódà rọ́pò rẹ̀. Ó wú o, àmọ́ ó ṣú, ó sì ń ṣe bí ọṣẹ lẹ́nu.

Ìdáhùn: Sódà ló pọ̀ jù, àbúrò mi. Díẹ̀ ni sódà tó wà nínú békin páúdà. Ásíìdì gbígbẹ àti sítáàṣì ni wọ́n fi kún ìyókù. Sódà lásán kò ní àdàlù kankan, ìdí nìyẹn tí agbára rẹ̀ fi tó ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin ti páúdà. Ṣíbí méjì tó o dà sí i yẹn, iṣẹ́ bíi ṣíbí páúdà mẹ́jọ ló lè ṣe.

Sódà ń fẹ́ ohun kíkan tí yóò bá pàdé: yógọ́ọ̀tì, omi ọsàn wẹ́wẹ́, tàbí fínígà. Ibi tí wọ́n ti pàdé ni afẹ́fẹ́ ti ń jáde, òun ló sì ń gbé kéèkì dìde. Bí ohun kíkan bá tán, tí sódà sì kù, iná ààrò á sọ ìyókù náà di sódà mìíràn tó le jù ú lọ. Òun ló ń ṣe bí ọṣẹ lẹ́nu, òun náà ló ń mú kéèkì ṣú. Ooru yẹn tún máa ń fa afẹ́fẹ́ jáde lára rẹ̀, ìyẹn ni kéèkì rẹ ṣe wú tó fi tàn ọ́ jẹ.

Wàyí o, ká ṣírò tìrẹ. Kọ́ọ̀pù fúláwà kan ń fẹ́ nǹkan bí ìdámẹ́rin ṣíbí tíì sódà, méjì á wá jẹ́ ìlàjì. Kọ́ọ̀pù yógọ́ọ̀tì kan náà, nǹkan bí ìlàjì ṣíbí sódà ló lè kápá. Wọ́n bára mu gẹ́lẹ́. Ìlàjì ṣíbí sódà tó ọ, má fi páúdà kankan sí i mọ́.

Bó bá jẹ́ mílíìkì lásán ló wà nílé, páúdà ni kó o lò, ṣíbí méjì sí méjì ààbọ̀. Bí kò bá sí páúdà, fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí ńlá méjì sínú mílíìkì fún ìlàjì ṣíbí sódà yẹn, kó o sì dín mílíìkì kù ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Ó máa ń ṣiṣẹ́, àmọ́ yógọ́ọ̀tì ni mo fẹ́ràn jù, torí pé ọsàn kì í fi ara rẹ̀ pamọ́ nínú kéèkì.

Ìbéèrè: Àǹtí, ní ọjà Kútọ̀ ni mo ti ra tèmi, nínú ọ̀rá tí wọ́n so lẹ́nu, wọn ò kọ nǹkan kan sí i. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó jẹ́, àti pé kò tíì kú?

Ìdáhùn: Bu díẹ̀ sínú omi tútù nínú gíláàsì. Bó bá jẹ́ sódà, á yọ́, omi á mọ́ kedere, kò ní hó. Bó bá jẹ́ páúdà, á yọ ìfófó, omi á sì funfun bí omi ògì tó ṣàn, torí sítáàṣì inú rẹ̀.

Láti mọ̀ bóyá páúdà ṣì ń ṣiṣẹ́, da ìlàjì ṣíbí sínú omi gbígbóná, nǹkan bí ìdámẹ́rin kọ́ọ̀pù. Ó yẹ kó hó lójú ẹsẹ̀, kó o máa gbọ́ ṣíí-ṣíí. Bó bá kàn yọ ìfófó méjì mẹ́ta tó dákẹ́, dà á nù. Má fi fínígà dán páúdà wò o: sódà tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ lè hó, kí ásíìdì tiẹ̀ ti kú. Fínígà tàbí ọsàn wẹ́wẹ́, ti sódà ni, ìdámẹ́rin ṣíbí kan sì gbọ́dọ̀ ru gùdù.

Páúdà ló máa ń tètè kú nínú ọ̀rá. Ásíìdì àti sódà ti jọ wà níbẹ̀, bí atẹ́gùn òjò Abẹ́òkúta bá ti wọlé, wọn á ti máa bára wọn ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé o po nǹkan kan. Bó bá ti dì ní kókó-kókó, fura. Ra kékeré, da á sí ìgò tó ní ìdérí, má sì fi ṣíbí tútù bu ú.

Ìbéèrè: Bí iná bá lọ lẹ́yìn tí mo ti po ó tán ńkọ́, ààrò oníná ni mo ń lò?

Ìdáhùn: Èyí tó ní sódà àti yógọ́ọ̀tì kò ní dúró dè ọ́, bó ṣe ń pò ni afẹ́fẹ́ ti ń sá lọ. Páúdà tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn èyí tó ń hó díẹ̀ nínú omi, tó wá ń ṣe ìyókù nínú ooru, á fara dà á fún ìgbà díẹ̀. Po ohun gbígbẹ sọ́tọ̀, po tútù sọ́tọ̀, kó o má dà wọ́n pọ̀ títí ààrò á fi gbóná.