Ife Márùn-ún: ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó dànù

Ẹ̀yin tí ẹ ń wo káàdì táróò fún èèyàn, bí Ife Márùn-ún, káàdì tí ife mẹ́ta ti dànù níwájú aláṣọ dúdú kan tí méjì sì ṣì dúró lẹ́yìn rẹ̀, bá jáde fún ẹni tí àǹfààní bọ́ mọ́ lọ́wọ́, ẹ má tètè nawọ́ sí ife méjì tó ṣì dúró. Ẹ ní kó kọ́kọ́ dárúkọ ohun tó dànù nínú ife mẹ́ta iwájú, lọ́kọ̀ọ̀kan. Aláṣọ dúdú inú àwòrán náà kọ ẹ̀yìn sí méjì yẹn; ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í fẹ́ yíjú padà nígbà tí a kò tíì gbọ́ ohun tó ń dùn ún. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ mọ́ lọ́wọ́ lè sọ pé owó oṣù ni àkọ́kọ́, ipò ni ìkejì, kíkó kúrò nílé òbí ni ìkẹta. Ẹ ò rí i pé ìkẹta yẹn kò di dandan kó jẹ́ iṣẹ́ yẹn ló máa gbé e wá! Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá bi í pé, “Kí ni ohun méjì tó kù lẹ́yìn yín?” Ẹ ṣí káàdì kan lé ọ̀kọ̀ọ̀kan ohun méjì tó bá dárúkọ yìí. Àmọ́ o, Ife Márùn-ún fúnra rẹ̀ kò lè sọ èyí tó sàn jù nínú méjèèjì. Káàdì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ni kí ẹ bi.