Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí báńà ilé oògùn: fọ́tò "ṣáájú" àti "lẹ́yìn"

Ojú méjì ni ọ̀pọ̀ ilé oògùn máa ń fẹ́ kí a gbé sórí báńà ìpara wọn. Ọ̀kan kún fún ìrorẹ́, èkejì ń dán. Wọ́n á ní ká kọ "ṣáájú" sábẹ́ ti àkọ́kọ́, ká kọ "lẹ́yìn" sábẹ́ èkejì. Iṣẹ́ àwòrán ìpolówó ni mo ń ṣe l'Abẹ́òkúta, kò sì sí ohun tí mo máa ń bẹ àwọn oníbàárà mi pé kí wọ́n yọ kúrò tó èyí.

Fọ́tò méjì lè yàtọ̀ síra láìjẹ́ pé oògùn kankan kan ojú yẹn. Ẹ mú ẹnì kan tó ní ìrorẹ́ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé láàárọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ máa ti ẹ̀gbẹ́ bá a lójú. Kókó kéékèèké kọ̀ọ̀kan á ní òjìji tirẹ̀, ojú náà á sì rí págunpàgun. Ẹ wá ní kó kọjú sí fèrèsé náà gan-an. Òjìji á pòórá, awọ á sì dà bí èyí tó tẹ́jú. Ẹni kan náà ni, kò sì fi ìpara kankan para. Bí fóònù bá tún ní ètò tó máa ń dán ojú fúnra rẹ̀, tí ẹni náà sì rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò kejì, ẹni tó ń wò ó lójú títì kò lè mọ̀ pé kì í ṣe ìpara ló ṣe é.

Awọ dúdú bíi tiwa tún máa ń tú àṣírí. Bí ìrorẹ́ bá san, ó sábà máa ń fi àpá dúdú sílẹ̀, àpá náà sì lè lo oṣù mélòó kan kó tó parẹ́. Ìtọ́jú ìrorẹ́ gan-an máa ń gba bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 kí ìyàtọ̀ tó hàn dáadáa. Nítorí náà, bí báńà bá kọ "ọjọ́ 7" sábẹ́ ojú tí kò ní àpá kan ṣoṣo, ẹni tó mọ̀ nípa awọ á fura: bóyá irọ́ ni fọ́tò, bóyá ìpara tó ń bóra ló wà nínú ìgò. Kò sí èyí tó yẹ ilé oògùn nínú méjèèjì.

Ká tiẹ̀ ní òtítọ́ ni fọ́tò méjèèjì, ìrorẹ́ máa ń wá, ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀. Ti onítọ̀hún kò lè ṣe ẹ̀rí fún gbogbo ẹni tó máa ra ìpara náà. Òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni ti ọdún 2023 sì ka ọ̀rọ̀ ìlera ènìyàn sí ohun tó gbọ́dọ̀ ní ààbò pàtàkì. Ẹni tó fọwọ́ sí i lónìí lè ní kí ẹ yọ òun kúrò lọ́la, báńà tó ti wà lórí ògiri ní Panseke kò sì ṣeé pa rẹ́ bíi ti orí fóònù.

Dípò ojú méjì yẹn, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nílé oògùn lóòótọ́ ni kí wọ́n yà. Ilé oògùn kan lápá Ìtòkú fẹ́ kéde pé àwọn máa ń yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wò. Àwòrán tí wọ́n mú wá fi ọkùnrin kan hàn tó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, tó ń sọ̀rọ̀, tí wọ́n di ẹ̀rọ mọ́ orí apá aṣọ rẹ̀, tí apá náà sì rọ̀ sísàlẹ̀. 120/80 ló wà lójú ẹ̀rọ.

"Bọ̀dá, ṣé kì í ṣe fọ́tò lásán ni?" ni obìnrin apòògùn tó ni ibẹ̀ bi mí.

Mo ní, "Mà, bí ẹ bá yẹ ìfúnpá ẹnì kan wò báyìí, ṣé ẹ máa gba nọ́ńbà tó bá jáde gbọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fúnra rẹ̀ tò ó. Wọ́n ká apá aṣọ sókè, wọ́n gbé apá lé tábìlì kó bá ọkàn dọ́gba, nítorí apá tó bá rọ̀ sísàlẹ̀ máa ń mú kí nọ́ńbà ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀yìn fara ti àga, ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ́lẹ̀, ẹnu dákẹ́. A yí ojú ẹ̀rọ sọ́dọ̀ rẹ̀, kí nọ́ńbà má bàa hàn, torí 120/80 ń ṣèlérí láìlanu pé bí ti gbogbo ẹni tó bá wá ṣe máa rí nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló wọ kóòtù funfun, nítorí apòògùn ni. Ọmọọ̀ṣẹ́ rẹ̀ tó jókòó bí ẹni tó wá yẹ ara wò wọ aṣọ ilé.

Àgbélébùú pupa lórí funfun ṣì wà ní igun báńà, a sì yọ ọ́. Lábẹ́ Àdéhùn Jẹ̀nífà ti 1949, ti oníṣègùn ọmọ ogun àti ẹgbẹ́ Àgbélébùú Pupa ni àmì yẹn, ilé oògùn tàbí ilé ìwòsàn aládàáni kò gbọdọ̀ lò ó. Àwọ̀ ewé la lò dípò rẹ̀.

Ohun tó kù ni ṣẹ́ẹ̀fù tó wà lẹ́yìn wọn. Orúkọ oògùn tí dókítà gbọ́dọ̀ kọ kí wọ́n tó tà á hàn ketekete lára páálí, NAFDAC kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni polówó irú rẹ̀ fún ará ìlú. Mo ní kí wọ́n sún tábìlì sápá ibi tí wọ́n tò bándéèjì àti òwú sí, ibẹ̀ la sì ti ya èyí tó lọ sórí báńà.